Lẹ́tà Tọ́nà sí Ẹnjiníà: Nígbà tí Àwòrán Iṣẹ́ Kan bá ń Sọ Ọ̀rọ̀ Méjì

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tọ́nà, wẹ́dà àti akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí tọ́nà ṣe ń kọ̀wé sí ẹnjiníà nígbà tí àwòrán iṣẹ́ bá ń ta ko ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù fún ìjókòó kan, ìdí nìyẹn tí mo fi mú lẹ́tà kan ṣoṣo wá, èyí tí mo kọ nípa ṣáfútì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Màá kà á fún yín. Ṣùgbọ́n kí n tó kà á, ẹ jẹ́ kí a jọ wo irin náà.

Ẹ̀rọ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìjerò, ibi tí wọ́n bá ti ń yan gáàrì, ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀. Ìlù kan tí wọ́n fi páànù oníhò wé ló ń rin ẹ̀gẹ́ náà, ṣáfútì ló sì gba àárín ìlù kọjá. Gbogbo gígùn ṣáfútì tí mò ń sọ yìí jẹ́ mílímítà 420. Àárín rẹ̀, níbi tí ìlù jókòó sí, gùn tó 300, ó sì nípọn tó 40. Apá òsì gùn ní 40, apá ọ̀tún gùn ní 80, àwọn méjèèjì sì nípọn ní 30. Bẹ́árìn 6206 kọ̀ọ̀kan ló wọ apá méjèèjì, tí ó sì fẹ̀yìn ti èjìká ibi tí irin ti nípọn. Ní apá ọ̀tún, lẹ́yìn bẹ́árìn, ni púlì wà, tí bẹ́líìtì ń ti ibẹ̀ lọ sí ẹ́ńjìnnì.

A ti ń fi àwòrán Àtúnṣe A gé ṣáfútì yìí tipẹ́. Nígbà tí Àtúnṣe B dé, ohun tí wọ́n kọ sínú àpótí àtúnṣe ní igun ìwé náà kò ju pé tọ́lẹ́ránsì, ìyẹn ààyè tí a gbà kí ìwọ̀n fi yẹ̀, ti yí padà. Èwo nínú wọn? Wọn kò sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa di ẹnjiníà lọ́la, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹ kọ ohun tó yí padà, ẹ kọ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí ibi tó wà lórí àwòrán. Èmi tẹ́ A àti B sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, mo mú báírò, mo sì ń fi àmì sí iye kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń bá a pàdé nínú ìwé méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìjà méjì. Àwọn ìjà náà kò sì jọra, ìyàtọ̀ wọn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò.

Ìjà kìíní wà lórí ìnípọn apá ọ̀tún. Nínú àwòrán ńlá Àtúnṣe B, ọfà tó ń tọ́ka sí i ní kí n gé e sí 30 h6. Nínú àwòrán kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi sọ èjìká kan náà di ńlá kí a lè rí i dáadáa, wọ́n kọ 30 k6 síbẹ̀.

Fún àwọn tí kò tíì máa lo ìwé ìwọ̀n ISO 286, lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn dúró fún iye tó ga jù àti iye tó kéré jù tí a gbà láyè. Fún irin tó nípọn ní mílímítà 30, k6 túmọ̀ sí pé kí n má gé e kéré ju 30.002 lọ, kí n má sì jẹ́ kó ju 30.015 lọ. Ní ti h6, kò gbọdọ̀ ju 30.000 lọ, kò sì gbọdọ̀ kéré ju 29.987 lọ. Ẹ wò ó dáadáa. Ibi tí h6 ti parí ni 30.000, ibi tí k6 ti bẹ̀rẹ̀ ni 30.002. Kò sí irin kankan lábẹ́ ọ̀run tí yóò bọ́ sínú méjèèjì. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ tó le, iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe ni.

Mo mọ tọ́nà kan tó máa ń sọ pé òun ní ọgbọ́n fún irú ọ̀rọ̀ báyìí: òun a gé e sí àárín, kí ó má bàa bí ẹnikẹ́ni nínú. Àárín 30.000 àti 30.002 ni 30.001. Bó bá tiẹ̀ lè rí 30.001 gé lórí lééti tirẹ̀, tí n kò gbà pé ó lè ṣe, irin náà ti ga ju h6 lọ, kò sì tíì tó k6. Ẹni tó fẹ́ tẹ́ méjèèjì lọ́rùn ti ṣẹ̀ sí méjèèjì. Òmíràn á ní mílímítà 0.002 kéré ju ohun tí ènìyàn ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu sí, nítorí irun orí lásán nípọn jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe àlàfo yẹn ni à ń jà lé lórí. Tọ́nà tó mọṣẹ́ máa ń fojú sun àárín ààyè tí wọ́n fún un. Àárín k6 sún mọ́ 30.008, àárín h6 sún mọ́ 29.993. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.015, bẹ́árìn sì mọ ìyàtọ̀ náà.

Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Ihò bẹ́árìn 6206 tí kì í ṣe àkànṣe wà láàárín 29.990 sí 30.000. Bí mo bá gé ṣáfútì sí k6, ó kéré tán irin fi 0.002 tóbi ju ihò lọ, ó sì lè fi 0.025 tóbi jù ú. Bẹ́árìn á fún mọ́ ọn nígbà gbogbo. Bí mo bá gé e sí h6, ó lè fún díẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àlàfo 0.013 ló máa wà láàárín wọn. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ yìí ń fa ṣáfútì sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ṣáfútì sì ń yí. Nítorí náà, ojú gbogbo òrùka inú bẹ́árìn ló ń gba ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yí. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí òrùka kò bá fún, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ṣáfútì, á sì máa jẹ ẹ́. Ẹni tó bá tú u lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á rí lẹ́búlẹ́bú pupa bíi ìpẹtà lábẹ́ bẹ́árìn, ojú ṣáfútì á sì máa dán níbi tí kò yẹ kó ti dán. Ẹ̀yin wẹ́dà tó jókòó síbí mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e: wọ́n á fi pọ́ńṣì lu ojú irin yíká kí ó lè wú, wọ́n á gbá bẹ́árìn padà sí i, oṣù kan kò sì ní í pé kí wọ́n tó tún padà wá.

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ẹnikẹ́ni á rò pé k6 ló tọ̀nà, pé h6 jẹ́ àṣìṣe ọwọ́. Apá òsì tiẹ̀ ṣì jẹ́ k6 nínú àwòrán méjèèjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́árìn kan náà ló ń wọ̀ ọ́. Kí ló dé tí n kò kàn gé k6 kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ? Ẹ dúró ná, ìdáhùn ẹnjiníà máa sọ ọ́ fún wa.

Ìjà kejì wà lórí gígùn. Nínú Àtúnṣe A, 40 ní ààyè 0.1 sókè àti 0.1 sísàlẹ̀, 300 náà ní bẹ́ẹ̀, gbogbo gígùn 420 ní ààyè 0.3 sókè àti sísàlẹ̀. Ní ti 80, inú àkámọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìwọ̀n tó bá wà nínú àkámọ́ wà fún ìmọ̀ lásán, ẹnikẹ́ni kì í fi ṣe àyẹ̀wò. Òun ni ibi tí gbogbo àṣẹ́kù àwọn yòókù máa ń fara pamọ́ sí. Nígbà tí Àtúnṣe B dé, wọ́n ti yọ àkámọ́ kúrò lára 80, wọ́n fún un ní 0.1 sókè àti sísàlẹ̀, wọ́n sì dín ti 420 kù sí 0.1 bákan náà.

Ní báyìí, kí a sọ pé mo gé apá òsì ní 40.08, àárín ní 300.07, apá ọ̀tún ní 80.06. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò á fi kálípà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á yege. Lẹ́yìn náà ni yóò wọn gbogbo gígùn: 420.21. Àwòrán ní kò gbọdọ̀ ju 420.10 lọ. Ṣáfútì tí gbogbo apá rẹ̀ dára ti di irin àpatì nìyẹn, ìwé kan náà ló dá a láre tó sì tún dá a lẹ́bi.

Ìyàtọ̀ ìjà yìí sí ti àkọ́kọ́ ni pé èyí ṣeé ṣe. Bí mo bá fún ara mi ní 0.033 dípò 0.1 lórí apá kọ̀ọ̀kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní í kó ara wọn jọ ju 0.1 lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tọ́nà kì í fi í bá ẹnjiníà sọ ọ́, wọ́n á kàn máa bá a fà á. Owó ẹni tó ni iṣẹ́ sì ni wọ́n ń fi fà á, nítorí ìwọ̀n tí ó kéré sí ìdá mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ gba àkókò àti ìwọ̀nwò púpọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ pé ẹ̀rọ náà nílò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé nínú ìwọ̀n mẹ́rin yìí, èwo ni ẹ̀rọ kò lè ṣe láìsí i, èwo ló sì lè gba àṣẹ́kù? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò sí lórí lééti. Ọwọ́ ẹnjiníà ló wà.

Lẹ́tà náà rèé:

"Ẹ̀yin Ẹnjiníà wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo gba àwòrán ṣáfútì ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, Àtúnṣe B. Mo fi wé Àtúnṣe A, mo sì rí ibi méjì tí n kò lè gé kí ẹ tó dá mi lóhùn.

"Èkíní: ìnípọn apá ọ̀tún. Àwòrán ńlá ní 30 h6, ìyẹn 29.987 sí 30.000. Àwòrán èjìká tí ẹ sọ di ńlá ní 30 k6, ìyẹn 30.002 sí 30.015. Kò sí ìwọ̀n tó lè bá méjèèjì mu. Bó bá jẹ́ h6, bẹ́árìn 6206 lè ní àlàfo tó 0.013 lórí ṣáfútì, bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì ń fà á sí ọ̀nà kan. Bó bá jẹ́ k6, á fún mọ́ ọn nígbà gbogbo. Apá òsì ṣì jẹ́ k6. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n gé, ṣé gbogbo gígùn 80 náà ló sì kàn?

"Èkejì: gígùn. 40, 300, 80 àti 420 ni gbogbo wọn ní ààyè 0.1 sókè àti sísàlẹ̀. Bí mo bá gé 40.08, 300.07 àti 80.06, ọ̀kọ̀ọ̀kan yege, àmọ́ àpapọ̀ wọn jẹ́ 420.21. Nínú Àtúnṣe A, inú àkámọ́ ni 80 wà. Lójú tèmi, 300 ni kò gbọdọ̀ yẹ̀, nítorí èjìká méjèèjì ló ń gbá bẹ́árìn mú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé a lè dá 80 padà sínú àkámọ́ kí 420 sì gba 0.3? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí n di mú.

"N kò tíì fọwọ́ kan ojú bẹ́árìn apá ọ̀tún. Mo ń ṣe àwọn apá tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdáhùn sínú àwòrán tuntun, kí ó má jẹ́ lórí fóònù nìkan. Ẹ ṣé, sà."

Lẹ́tà náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó rí i pé n kò sọ níbì kankan pé àwòrán náà kò dáa. N kò sì sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò". Abéèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, àmọ́ ìbéèrè tí kò lórí tí kò nídìí máa ń bí ìdáhùn tó jọ ọ́. Bí mo bá kọ pé tọ́lẹ́ránsì yín ń ta ko ara wọn, ẹnjiníà tó ní ogún àwòrán lórí tábìlì á dá mi lóhùn pé kí n tẹ̀ lé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gan-an ló ń jà. Nígbà tí ó bá rí 30.000 àti 30.002 nínú gbólóhùn kan, kò ní ibi tó máa sá sí mọ́. Nígbà tí ó bá rí 420.21, ó lè fi ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ ro ó kí n tó sọ ọ̀rọ̀ míì.

Mo tún fi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí bẹ́árìn kún un. Àwọn kan rò pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tọ́nà. Èmi kò gbà. Tọ́nà kì í pinnu bí bẹ́árìn ṣe máa jókòó, àmọ́ òun ni ó ń rí ṣáfútì tó jẹ nígbà tí wọ́n bá gbé e padà wá, ẹnjiníà sì lè má rí irú rẹ̀ rí. Ohun tí mo yàgò fún ni kí n sọ pé k6 ló tọ̀nà. Mo sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe, mo sì dúró síbẹ̀.

Gbólóhùn tó wúlò jù nínú lẹ́tà náà ni èyí tó ń béèrè bóyá gbogbo gígùn 80 ni ọ̀rọ̀ kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn gbà wọlé. Ẹnjiníà kọ̀wé padà pé k6 àti h6, òun fẹ́ méjèèjì. Bẹ́árìn ni k6 wà fún. Púlì ni h6 wà fún, nítorí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ti ń ráhùn pé òòlù ni àwọn fi ń yọ púlì. Ihò púlì jẹ́ H7, 30.000 sí 30.021. Lórí ṣáfútì k6, ó lè fún tó 0.015, ìdí òòlù nìyẹn. Lórí h6, kò ní í fún rárá, á wọlé á sì jáde, kọ́kọ́rọ́ irin àti bóòtù rẹ̀ á dì í mú. Ohun tó fa wàhálà ni pé nígbà tó yí i padà lórí kọ̀ǹpútà, ọfà h6 bọ́ sórí gbogbo apá ọ̀tún dípò ibi púlì nìkan, ọ̀rọ̀ inú àwòrán kékeré sì jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ síbẹ̀, kò bá a yí.

Ẹ ò rí i? Bí mo bá ti fi ọgbọ́n orí mi gé gbogbo rẹ̀ sí k6, bẹ́árìn ì bá dúró dáadáa, àwọn oníbàárà ì bá sì tún máa lu púlì ní òòlù, gbogbo ìdí tí wọ́n fi ṣe Àtúnṣe B ì bá ti ṣòfò. Àtúnṣe C pín apá ọ̀tún sí méjì: mílímítà 20 láti èjìká jẹ́ k6, nítorí bẹ́árìn fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó 16, ìyókù dé ìparí jẹ́ h6. Ó tiẹ̀ rọrùn fún ẹni tó ń to ẹ̀rọ, torí bẹ́árìn máa gba orí h6 kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn ju orí k6 lọ kí ó tó dé ibi tí wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́ wọlé. Lórí gígùn, kò jiyàn. 300 dúró bó ṣe wà, 80 padà sínú àkámọ́, 420 gba 0.3.

Ọmọ iṣẹ́ kan ti na ọwọ́ láti ìgbà tí mo ti ń kàwé náà, ó ní: "Ọ̀gá, bí ẹnjiníà kò bá tètè dáhùn ńkọ́, tí oníbàárà sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ gé gbogbo ohun tí ìjà kò kàn: ẹ dọ́gba ìparí òsì, ẹ gé 40, ẹ gé 300 sí àárín ààyè rẹ̀ gan-an, ẹ parí bẹ́árìn apá òsì. Ní apá ọ̀tún, ẹ gé e dé 30.5, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ báyẹn, nítorí láti 30.5 ẹ lè lọ sí k6, ẹ lè lọ sí h6, ẹ sì lè ṣe méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ìparí ọ̀tún gùn díẹ̀ bákan náà, irin tó bá gùn ṣeé gé, èyí tó bá kúrú ti tán. Lọ́jọ́ tí ìdáhùn bá dé, ẹ má fi máíkrómítà wọn irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀bẹ, tó ṣì gbóná lọ́wọ́. Irin tó nípọn ní 30, tó fi ìwọ̀n sẹ́síọ́ọ̀sì 30 gbóná ju máíkrómítà lọ, á fi nǹkan bíi 0.010 tóbi ju bó ṣe máa rí nígbà tó bá tutù, gbogbo ààyè h6 kò sì ju 0.013 lọ. Ẹ gbé e sílẹ̀ kó tutù, kí oníbàárà náà mu omi, kí ẹ tó gé ìgbẹ̀yìn.